Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Fọ́tò Ẹsẹ̀ Ìyàwó

Fọ́tò tó dára jù nínú gbogbo èyí tí mo yà lọ́dún yẹn, kò sí ojú ẹnì kankan nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyàwó ni, tòun ti làálì tó ṣì dúdú lára rẹ̀, nínú abọ́ rọ́bà kan tí omi wà nínú rẹ̀, àti ọwọ́ obìnrin àgbà kan tó ti ìsàlẹ̀ gbá àtẹ́lẹsẹ̀ náà mú. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń tàn sí ẹnu ọ̀nà, ó sì bà lé orí omi. Títí di òní, bí mo bá wò ó pẹ́, ń ṣe ni mo máa ń rẹ ohùn sílẹ̀, bíi pé ẹnì kan ń gbàdúrà nínú yàrá tí mo wà.

Ìkòtún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò jìnnà sí ráńdábáòtù. Iṣẹ́ ìgbéyàwó ló wù mí, àmọ́ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló ń wá mi. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín." Ẹ wo iṣẹ́ tí èèyàn fi ń jẹun, kéèyàn máa bẹ ọmọ ẹlòmíì pé kó má rẹ́rìn-ín! Àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó á yọjú, wọ́n á wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á béèrè pé, "Ọ̀gá yín dà?" Bí mo bá ní èmi ni ọ̀gá, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Mo ṣì ń retí wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ra kámẹ́rà fún mi. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n oníṣòwò sìmẹ́ńtì ni, kò sì mọ ohun méjì ju ọjà kó wọlé, kó jáde. Nígbà tí oṣù kẹjọ ọdún yẹn ń parí lọ, ó wá jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà mi máa ń jókòó sí, ó ní, "Àbúrò, jẹ́ ká sòótọ́. Bí ìgbà ọ̀yẹ́ yìí bá tún kọjá tí o ò rí ìgbéyàwó ṣe, a máa ta kámẹ́rà yìí, wàá wá máa bá mi kọ rìsíìtì ní ṣọ́ọ̀bù." Mi ò lè bá a jà. Ohun tó sọ kò burú. Mo kàn mọ̀ pé bí wọ́n bá gba kámẹ́rà yẹn lọ́wọ́ mi, ẹnikẹ́ni ò ní rí mi mọ́, bí mo tilẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé ìgbà òjò la ti ń wá iṣẹ́ ìgbà ọ̀yẹ́. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kìíní, kò sí Sátidé kan tí gbọ̀ngán á ṣófo, láti Ìdímù dé Ẹ̀gbẹ́dá. Ṣùgbọ́n kó tó di pé ọ̀yẹ́ dé, àwọn ìyàwó ti yan ayàwòrán wọn tipẹ́. Nítorí náà, bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, olúkúlùkù wa á ṣa fọ́tò rẹ̀ tó dára jù, á tò ó sójú ewé rẹ̀ lórí ayélujára, á sì kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò yẹn ló ń pe oníbàárà. Bó bá gùn jù, ìlà tó ṣáájú nìkan ló máa hàn, èyí tó kù á sápamọ́ títí ẹni tó ń kà á á fi tẹ̀ ẹ́. Kò sì sí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ bí ìlà tó ṣáájú bá ti tutù bí ẹ̀bà àná.

Ìgbéyàwó kan ṣoṣo ni mo dá ṣe lọ́dún yẹn, lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀. Wọ́n so yìgì ní mọ́ṣáláṣí kan nítòsí wa, wọ́n jẹun ní gbọ̀ngán kan ní Ìdímù, mo ya òrùka, mo ya bàtà, mo ya ìyàwó níbi tó ti ń wo ojú fèrèsé bíi pé ó ń retí bọ́ọ̀sì. Gbogbo ohun tí ayàwòrán ń yà ni mo yà. Ìgbà tí àpèjẹ parí, mo kó irin iṣẹ́ mi jọ láti máa lọ, mo wá rí i pé àwọn èèyàn ti gbé àpò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo máa ń gbé kámẹ́rà lé sínú búùtù ọkọ̀ tó gbé ìyàwó lọ. Inú bí mi débi pé mo bá ẹni tí kò ṣẹ̀ mí jà. Mo bọ́ sínú kẹ̀kẹ́, mo tẹ̀ lé wọn lọ sí Igando, gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń kùn.

Ilé tí ọkọ ìyàwó àti ìyá rẹ̀ ń gbé, ilé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, yàrá sọ́tùn-ún, yàrá sósì. Nígbà tí mo débẹ̀, ìyàwó ṣì dúró síta lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì wọlé. Bàtà rẹ̀ ti kúrò lẹ́sẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé abọ́ omi jáde, ó gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo mọ àṣà yìí, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ìyàwó tuntun kì í wọlé ọkọ láìfọ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí mo ti ń rí i, àwọn ìyàwó ilé ló máa ń ṣe é, wọ́n á bu omi díẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n á pariwo, wọ́n á tì í wọlé, ó parí. Obìnrin kan nawọ́ pé òun á bá wọn ṣe é. Ìyá náà ní, "Rárá o. Èmi ni."

Ó kúnlẹ̀. Ìyá ọkọ o, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tòun ti aṣọ tuntun lára! Ìyàwó fẹ́ kúnlẹ̀ pẹ̀lú, ó ní kó dúró gírí. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni ìyá náà fi tọ́ ọmọ rẹ̀, omi àti ọṣẹ ti jẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí ó fi rí bí aṣọ tí wọn ò lọ̀. Ọwọ́ yẹn ló fi gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyàwó. Kò wọ́n omi sí i bí wọ́n ṣe ń wọ́n ọn. Ó fọ̀ ọ́. Ó fọ àárín ọmọ ìka, ó fọ gìgísẹ̀, eruku gbọ̀ngán Ìdímù ṣàn sínú omi. Ó ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ẹsẹ̀ rẹ á tù wá lára. Ẹsẹ̀ ọmọ, ẹsẹ̀ àlàáfíà lo fi wọlé. Ilé yìí kò ní lé ọ." Gbogbo ariwo ibẹ̀ sì dákẹ́, àní jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan ní ilé kejì nìkan la ń gbọ́.

Iná tó máa ń kọ mànà lórí kámẹ́rà mi ti kú láti gbọ̀ngán. Mo la ojú lẹ́ńsì sílẹ̀ dé ibi tó lè là dé, mo jẹ́ kí ìwọ̀nba oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó kù ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mo fara ti ògiri kí kámẹ́rà má baà mì. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Kì í ṣe ẹ̀rù ohun búburú. Ẹ̀rù tó máa ń bani bí èèyàn bá ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn mọ́ ohun tó tóbi ju òun lọ ni.

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án dé tí mo fẹ́ to àwọn fọ́tò mi, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ yẹn ló máa ṣáájú. Ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ mi kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lókè tiwa wò ó, ó ní, "Fọ́tò yìí le o. Àmọ́ ẹsẹ̀ ni, jàre. Ta ló máa rí ẹsẹ̀ tó máa ní kó o wá ṣe ìgbéyàwó òun? Gbé ìyàwó ojú fèrèsé síwájú." Mo ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ó mú mi ronú pé ọ̀rọ̀ tó máa wà lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára. Mo kọ, mo pa á rẹ́, mo tún kọ. Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn níkẹyìn rèé: "Ìyá ọkọ ń fọ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fọ ti àwọn ìyá wa. Ṣé ẹ ń múra ìgbéyàwó ìgbà ọ̀yẹ́ tó ń bọ̀? Ẹ tètè fi ọjọ́ yín tó wa létí." Inú mi dùn sí i gan-an. Mo kà á sókè fún ògiri ṣọ́ọ̀bù mi.

Àṣẹ ló kù. Ọkọ àti ìyàwó ti gbà kí n fi fọ́tò wọn polówó, ṣùgbọ́n ìyàwó ní, "Ti ẹsẹ̀ yẹn, ọwọ́ Màmá ló wà níbẹ̀. Ẹ lọ bi wọ́n, Àǹtí." Ni mo bá tún gba Igando lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìyàwó ti lọ síbi iṣẹ́, ní ilé ìtajà oògùn kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mo bá ìyá náà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Ìyá fọ́tò! Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Màmá. Fọ́tò kan ni mo fẹ́ kí ẹ wò."

Ó nu ọwọ́ sí ìró, ó gba fóònù, ó gbé e jìnnà sójú. Ó wò ó títí. Mo ṣàlàyé fún un pé mo fẹ́ gbé e síbi tí gbogbo ayé á ti rí i, kí àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó lè pè mí. Ó bi mí pé, "Kí lo máa sọ fún wọn níbẹ̀? Àbí fọ́tò nìkan ni?"

Mo ní mo ti kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ó ní kí n kà á. Mo tún ohùn ṣe bí ẹni fẹ́ ka ìròyìn, mo kà á. Ìgbà tí mo dé "gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fọ ti àwọn ìyá wa," ó nawọ́ dá mi dúró.

"Ta ni wọ́n fọ tiẹ̀?"

Mo rò pé kò gbọ́ mi dáadáa ni. Mo ní, "Àwọn ìyá wa, Màmá. Ẹ̀yin."

"Èmi kẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó jókòó sórí korobá tó dojú dé. "Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n fọ tèmi?"

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo kàn rò pé bó ṣe yẹ kó rí ló ṣe rí.

Ó wá sọ ọ́ fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ojú rẹ̀ wà lára àwọn aṣọ tó sá. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Oyún ti dúró kí àwọn ẹbí tó mọ̀, bàbá rẹ̀ ní kó kó ẹrù rẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fún un lóyún. Kò sí ẹni tó sìn ín. Ó ru ẹrù fúnra rẹ̀ dé ilé ọkọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí omi, nítorí ó mọ̀ pé ìyàwó kì í wọlé láìfọ ẹsẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ yọjú, ó ní, "Omi ìyàwó là ń bù. Oyún ló gbé ìwọ wá. Gba ẹ̀yìnkùlé wọlé."

"Mo gba ẹ̀yìnkùlé," ó ní. "Eruku ọ̀nà ni mo gbé wọlé ọkọ. Ọmọ tó wà níkùn mi nígbà yẹn, òun lo ya fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ yẹn. Àwa méjèèjì la jọ wọlé láìfọ ẹsẹ̀. Gbogbo aburú tó bá ti ṣẹlẹ̀ nílé, wọ́n á ní ẹsẹ̀ mi ni. Bí ewúrẹ́ kú, ẹsẹ̀ mi ni. Ìgbà tí ọkọ mi kú, wọ́n ní ṣé àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe wá sí Èkó." Ó gbọn aṣọ kan, ó tún un sá. "Mo sọ fún Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí n rí ìyàwó tí ọmọ yìí máa fẹ́. Mo ní ẹnì kan ò ní bá mi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni."

Omijé ti bọ́ lójú mi kí n tó mọ̀. Èmi tí mo dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí mo rò pé mo rí ohun gbogbo nítorí pé kámẹ́rà wà lójú mi! Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Mo máa pa á rẹ́. Mi ò ní gbé fọ́tò náà síbẹ̀ mọ́." Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì ẹ̀gbọ́n mi ń yọ sí mi lójú, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ tinútinú.

Ó kọjú sí mi. "Ta ní kó o pa fọ́tò rẹ́? Irọ́ inú rẹ̀ ni kó o pa rẹ́. Kọ ọ́ bó ṣe rí. Kọ ọ́ pé ẹni tó ń fọ̀ ọ́, wọn ò fọ tiẹ̀. Àwa tí wọn ò fọ tiwa pọ̀ níta. Ṣáà má dárúkọ mi, má sì fi ojú mi hàn. Ojú mi kì í ṣe ti fọ́tò."

Mo kọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì pẹ́ rárá. "Ẹni tó ń fọ ẹsẹ̀ ìyàwó yìí, wọn kò fọ tirẹ̀." Ìlà tó ṣáájú nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ mo sọ ìtàn náà ní ṣókí, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo wá parí rẹ̀ báyìí: "Mo ń gba ìgbéyàwó ìgbà ọ̀yẹ́ tó ń bọ̀, ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá, Igando àti gbogbo àyíká wọn. Mi ò kì í gbé kámẹ́rà mi kúrò kí ẹsẹ̀ ìyàwó tó wọlé. Ẹ pè mí." Mo fi nọ́ńbà mi sí i, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì pa fóònù kí n má baà jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ìgbà tí mo tàn án láàárọ̀, ó ń gbọ̀n lórí tábìlì bí ẹni tí ibà ń ṣe. Àwọn obìnrin tí mi ò mọ̀ rí ni wọ́n ń kọ̀wé sábẹ́ fọ́tò náà. Ọ̀kan ní, "Wọ́n fọ tèmi, ìyá ọkọ mi ti kú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi ni." Òmíràn kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré: "Wọn ò fọ̀ ọ́." Àwọn mìíràn sì tò tẹ̀ lé e, wọn ò fọ tàwọn náà. Mo ń kà á, ara mi ń bù máṣọ. Ta ló mọ̀ pé omi inú abọ́ kan lè kan èèyàn tó báyìí?

Ipè tó kọ́kọ́ wọlé, mo rò pé ìyàwó kan ni. Ohùn àgbàlagbà ni mo gbọ́. "Ìwọ lo ya ẹsẹ̀ yẹn? Ọmọ mi ọkùnrin ló ń gbéyàwó nínú oṣù Disẹ́ńbà, ní Baruwa níbí. Wọ́n ti fẹ́ mú ẹnì kan, mo ní rárá. Ṣé lóòótọ́ lo máa dúró títí màá fi fọ ẹsẹ̀ ìyàwó mi?" Mo ní màá dúró. Ó ní, "Bó bá pẹ́ ńkọ́?" Mo ní bó pẹ́ bí kò pẹ́. Àwọn ìyá ọkọ ìyàwó ló ń pè mí lọ́dún yẹn, kì í ṣe àwọn ìyàwó. Kò tíì ṣẹlẹ̀ sí ayàwòrán kankan tí mo mọ̀ rí. Ẹlẹgbẹ́ mi tó ní kí n gbé ojú fèrèsé síwájú wá bá mi, ó ní kí n má gbàgbé òun bí mo bá ń wá ẹni tó máa bá mi gbé iná. Ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀ kàn bi mí pé ṣé kámẹ́rà náà ò nílò lẹ́ńsì mìíràn. Bó ṣe máa ń tọrọ àforíjì nìyẹn.

Mo tẹ fọ́tò ẹsẹ̀ náà tóbi, mo fi férémù sí i, mo sì gbé e lọ fún ìyá náà lọ́jọ́ Àìkú. Ìyàwó ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ojú rẹ̀ ti wú. Kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀; ìsàlẹ̀ fọ́tò mi ló ti kà á, níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, níwájú àwọn oníbàárà. Ọkọ rẹ̀ náà kò mọ̀. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di orí mú.

"Màmá lọ sí àsàlátù," ìyàwó ní. "Wọ́n á dé láìpẹ́. Ẹ dúró, Àǹtí." Mo wá rí abọ́ rọ́bà ọjọ́sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, omi ti wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ìyá náà yọ lókèèrè pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ìyàwó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹ má tíì wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà."

Ìyá náà wo abọ́, ó wo ìyàwó, ó wo ọmọ rẹ̀ tó ti dìde. Ó sún sẹ́yìn. "Èèwọ̀! Ìyàwó kì í fọ ẹsẹ̀ ìyá ọkọ. Ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀yìnkùlé." Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tó fi gbọ́ ohun tó sọ. Ọmọ rẹ̀ jáde lọ bá a, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá a bọ́ bàtà náà.

Ìyàwó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, níbi tí ìyá náà kúnlẹ̀ sí lọ́jọ́sí. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú omi. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí i gẹ́lẹ́, kò yọ ọ̀kan kúrò: "Ẹsẹ̀ yín á tù wá lára. Ẹsẹ̀ ọmọ, ẹsẹ̀ àlàáfíà lẹ fi wọlé. Ilé yìí kò ní lé yín." Ìyá náà di èjìká ọmọ rẹ̀ mú, ó ń sunkún bí ọmọdé, kò tilẹ̀ gbìyànjú láti fi gèlè nu ojú.

Kámẹ́rà wà lọ́rùn mi, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kàn án. Mo rántí ohun tó sọ nípa ojú rẹ̀. Mo dúró ti ògiri, mo di férémù fọ́tò mú mọ́ àyà.

Ó gbójú sókè, ó rí mi.

"Ìyá fọ́tò, kí lò ń wò? Yà á." Ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. "Má sì yọ ojú mi kúrò nínú eléyìí o."